Aṣọ Búlùú Di Àwọ̀ Ewé, Àwọ̀ Ara Kò Yẹ̀

Kí ẹnìkan kó fọ́tò ogún èèyàn jọ: ọkùnrin tó dúdú tó ń dán, ọmọge tó pupa fẹ́ẹ́, òyìnbó tí oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ rí, àgbàlagbà ará Íńdíà. Kó wá ní kí kọ̀ǹpútà wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó sọ irú àwọ̀ tó bá níbẹ̀. Ojú èèyàn á rí ogún àwọ̀. Kọ̀ǹpútà á fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ẹyọ kan ṣoṣo. Gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọ̀nyẹn ló bọ́ sí ojú tóóró kan láàárín pupa àti àwọ̀ ọsàn. Ohun méjì ló fà á: mẹlanín, ìyẹn èròjà búráùn tó wà nínú awọ, àti ẹ̀jẹ̀ tó ń sàn lábẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò ní méjèèjì. Ti ẹnìkan kàn pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ ni, ìyẹn ló sì ń mú kí ara ṣókùnkùn tàbí kó mọ́lẹ̀, láìjẹ́ pé irú àwọ̀ náà yí padà.

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni iṣẹ́ kan tí àwọn onífọ́tò ń ṣe fún àwọn oníbàárà wọn dúró lé. Oníbàárà á ní kí wọ́n bá òun pa àwọ̀ aṣọ dà nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fọwọ́ kan ojú òun, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn. Ẹ wo ọ̀ràn ẹbí kan tí wọ́n fẹnu kò sí aṣọ ẹbí aláwọ̀ ewé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ní alẹ́ ọjọ́ ìdána ku ọ̀la, aṣọ kò tó mọ́, ó wọ léèsì búlùú tirẹ̀. Nígbà tí fọ́tò jáde, òun nìkan ló dá yàtọ̀ láàárín ìlà. Ó wá ń béèrè bóyá ọ̀nà wà.

Ọ̀nà wà, ó sì rọrùn ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ, torí pé búlùú ló wọ̀. Ká ní sányán ló wọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá gba ibòmíràn yọ. Kí ìyàtọ̀ yẹn tó lè yéni, ó di dandan kéèyàn mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka àwọ̀.

Àwòrán inú fóònù tàbí kámẹ́rà jẹ́ àkójọ àmì tíntìntín tí wọ́n ń pè ní píksẹ́ẹ̀lì, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn nínú fọ́tò kan. Nọ́ńbà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan: ìwọ̀n pupa, ìwọ̀n àwọ̀ ewé, ìwọ̀n búlùú, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 255. Nọ́ńbà wọ̀nyí dára fún ẹ̀rọ, àmọ́ wọn kì í sọ ohun tí èèyàn fẹ́ gbọ́. Bí òjìji bá bo apá kan aṣọ, nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa já wálẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ aṣọ kan náà ni.

Ní 1704, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀, Isaac Newton to àwọn àwọ̀ yí ká lójú kan, tí ìgbẹ̀yìn wọn fi padà wá bá ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1978, Alvy Ray Smith tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwòrán kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde tó ń sọ nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ di mẹ́ta mìíràn. Èkíní ni Hue, ìyẹn irú àwọ̀ náà gan-an. Èkejì ni Saturation, bí àwọ̀ náà ṣe kún tó. Ẹ̀kẹta ni Value, bí ó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Lórí ojú Hue, àwọ̀ ń yí po bí ọwọ́ aago: pupa wà lókè ní 0, yẹ́lò ní 60, àwọ̀ ewé ní 120, búlùú òféfèé ní 180, búlùú gidi ní 240, pọ́pù tó pọ́n ní 300, kó tó padà dé pupa ní 360.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú yìí wo léèsì ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Níbi tí iná gbọ̀ngàn ti kàn án lára dáadáa ní èjìká, ká ní nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ pupa 95, ewé 140, búlùú 225. Níbi tí kò sí iná púpọ̀, ó di 30, 70, 160. Nínú ìṣẹ́po ìró, ó já sí 10, 24, 60. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn pọ̀ débi pé ojú lè pè wọ́n ní aṣọ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ṣírò Hue wọn, èkíní jẹ́ 219, èkejì 221 àti ààbọ̀, ẹ̀kẹta 223. Ìmọ́lẹ̀ ló yí padà, irú àwọ̀ kò ṣípò.

Ká wá wo ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tó wà nínú òjìji lè jẹ́ 92, 58, 40: Hue rẹ̀ jẹ́ 21. Iwájú orí rẹ̀ tí iná ń tàn sí lè jẹ́ 190, 130, 95: Hue rẹ̀ jẹ́ 22. Òyìnbó ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dúró ti ọwọ́ òsì rẹ̀ lè jẹ́ 230, 180, 150, ìyẹn náà kò sì kọjá 22 àti ààbọ̀. Láti 22 dé 221, ọ̀nà jìn. Bí wọ́n bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó mú gbogbo ohun tí Hue rẹ̀ wà láàárín 205 sí 235, gbogbo léèsì, láti ibi tó mọ́lẹ̀ dé ibi tó ṣókùnkùn, ló máa wọlé, ara kankan kò ní wọlé.

Àwọn oníṣẹ́ fíìmù ti mọ àǹfààní yìí kí kọ̀ǹpútà tó wọ ọ̀rọ̀ náà rárá. Ìdí tí wọ́n fi ń ta aṣọ búlùú tàbí àwọ̀ ewé sẹ́yìn òṣèré kí wọ́n lè fi ibòmíràn rọ́pò rẹ̀ nìyẹn: ara èèyàn kì í sún mọ́ àwọ̀ méjèèjì. Petro Vlahos ṣe irú iṣẹ́ búlùú bẹ́ẹ̀ fún fíìmù Ben-Hur tó jáde ní 1959. Nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù Spider-Man tó jáde ní 2002, aṣọ akọni náà ní búlùú nínú, aṣọ ọ̀tá rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Wọ́n wá ya akọni níwájú aṣọ aláwọ̀ ewé, wọ́n ya ọ̀tá níwájú búlùú, kí aṣọ òṣèré má baà bá ẹ̀yìn lọ.

Ó wá kan iṣẹ́ ọwọ́. Ètò tí ẹnikẹ́ni lè gbà láìsan kọ́bọ̀ ni GIMP, tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní yunifásítì Berkeley, Spencer Kimball àti Peter Mattis, bẹ̀rẹ̀ ní 1995. Ohun èlò kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Select by Color, tí Shift+O ń pè jáde. Bí onífọ́tò bá fi tẹ ojú kan lára léèsì, gbogbo ohun tó jọ ọ́ nínú fọ́tò ni ohun èlò náà máa mú, ì báà jẹ́ ibi tó jìnnà síra. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún léèsì, torí pé aṣọ máa ń yọjú láàárín ìka, láàárín ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, àti lábẹ́ ìpele. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ fa ìlà yí gbogbo rẹ̀ ká á pẹ́ níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ṣùgbọ́n báyìí lásán, ohun èlò náà máa ń wo nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀, á sì fi àwọn ibi tó ṣókùnkùn sílẹ̀. Nínú àwọn ohun tí a lè yàn fún un, ọ̀kan wà tí wọ́n kọ Select by sí. Ibẹ̀ ni onífọ́tò ti máa yí Composite padà sí HSV Hue. Láti ìgbà náà lọ, kò ní bìkítà bóyá ibì kan mọ́lẹ̀ tàbí ó ṣókùnkùn. Threshold tó wà nítòsí rẹ̀ ló ń sọ bí ó ṣe lè nawọ́ jìnnà tó sí ọ̀tún àti òsì lójú àwọ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, bíi 10, kó máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo aṣọ á fi wọlé. Tó bá tẹ Shift+Q, fọ́tò máa pọ́n níbi gbogbo tí kò sí nínú ohun tó mú. Ibi tó mọ́ kedere ni ó mú. Ojú kan náà ló máa fi rí ihò tó ṣẹ́ kù sínú aṣọ.

Níbẹ̀ ló ti máa rí ìyàlẹ́nu àkọ́kọ́: àwọn àga gbọ̀ngàn tí wọ́n fi ríbọ́nù búlùú so, ojú ọ̀run tó yọ lójú fèrèsé, àti fìlà arákùnrin kan lẹ́yìn, gbogbo wọn ti wọlé. Kò sí ẹ̀bi fún ẹ̀rọ. Irú àwọ̀ ni wọ́n bi í, kò sẹ́ni tó bi í nípa ẹni tó ni aṣọ. Ohun tó kù ni kí onífọ́tò mú Free Select, kó yan Intersect fún un kó má baà pa ohun tó ti mú rẹ́, kó wá fa ìlà gbàgbà-gbàgbà yí obìnrin náà ká. Kò ní láti gba etí aṣọ lọ. Kó ṣáà ti yẹra fún àga àti fìlà. Ohun tó bá wà nínú ìlà náà tó sì tún jẹ́ búlùú nìkan ló máa ṣẹ́ kù. Ní tòótọ́, inú pípa méjèèjì pọ̀ yìí ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà: àwọ̀ ń ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́ tó ń súni, ọwọ́ ń sọ àgbègbè.

Kí ó tó yí ohunkóhun, ó yẹ kó ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà lé orí ti àkọ́kọ́ nínú ètò kan náà, kó sì fi ohun tó mú ṣe ìbòjú fún ẹ̀dà náà, ìyẹn Add Layer Mask, kó yan Selection. Láti ìgbà náà, bí ó bá fi búrọ́ọ̀ṣì funfun kun ìbòjú, aṣọ á pọ̀ sí i; bí ó bá fi dúdú kùn ún, á dín kù. Fọ́tò àkọ́kọ́ wà nísàlẹ̀ láìfarapa.

Ní báyìí, ó lè ṣí Colors, kó yan Hue-Saturation. Léèsì wà ní 221. Àwọ̀ ewé tí ẹbí mú, tó ní búlùú díẹ̀ nínú, wà ní nǹkan bí 150. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 71, nítorí náà kó fa Hue sí -71. Lójú ẹsẹ̀, léèsì á di àwọ̀ ewé. Àwọn òkúta funfun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ṣì funfun, torí funfun kò ní irú àwọ̀ tí èèyàn lè yí. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ọrùn rẹ̀ ṣì pọ́n. Bó bá jẹ́ agbádá tí wọ́n fi òwú góòlù ṣe iṣẹ́ sí láyà ni, góòlù náà á wà bó ṣe wà, nítorí pé ó jìnnà sí búlùú.

Síbẹ̀, ẹni tó bá wo ó dáadáa á rí i pé nǹkan kan kò lọ. Aṣọ náà ń tàn ju bó ti yẹ lọ, ó dà bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀bi ìṣirò ni, kì í ṣe ti ọwọ́. Ojú èèyàn kì í ka àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí bákan náà. Nínú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, àwọ̀ ewé ló ń kó bí 72 nínú 100, pupa ń kó 21, búlùú kò ju 7 lọ. Nígbà tí ètò náà gbé 30, 70, 160 kúrò ní búlùú, ó sọ ọ́ di 30, 160, 96. Nọ́ńbà tó ga jù lọ ṣì jẹ́ 160, èyí tó kéré jù ṣì jẹ́ 30, kọ̀ǹpútà gbà pé kò sóhun tó yí padà nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Lójú èèyàn, ìmọ́lẹ̀ aṣọ náà ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Onífọ́tò tó mọṣẹ́ lè fa Lightness wálẹ̀ títí ojú á fi gbà á. Ọ̀nà tó tún mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni kó yí Mode ẹ̀dà tó wà lókè sí LCh Color. Ètò náà á mú àwọ̀ láti òkè, á sì mú ìmọ́lẹ̀ láti inú fọ́tò àkọ́kọ́ tó wà nísàlẹ̀. Ìṣẹ́po aṣọ á padà ní ìjìnlẹ̀ tó ní tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó ń lo Photoshop, tó ti wà lọ́jà láti 1990, ń gba ọ̀nà mìíràn dé ibì kan náà. Nínú Hue/Saturation tiwọn, ibi kan wà tí wọ́n kọ Master sí. Ẹni tó bá fa Hue níbẹ̀ á yí gbogbo fọ́tò padà lẹ́ẹ̀kan, títí kan ojú èèyàn, tí á fi dà bí ẹni tí wọ́n fi ewé para. Ó gbọ́dọ̀ yan Blues dípò Master. Nọ́ńbà mẹ́rin á wá hàn nísàlẹ̀: 195, 225, 255 àti 285. Láàárín 225 sí 255, àyípadà máa wọlé pátápátá. Láti 225 sí 195 lápá kan, àti láti 255 sí 285 lápá kejì, ó ń dín kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Ẹ rántí pé léèsì wa wà ní 219 sí 223. Kò tíì dé 225. Ibi tó mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ kò ní yí tó ibi tó ṣókùnkùn, aṣọ á sì ní àbàwọ́n tí kò ní ìdí. Kí onífọ́tò ti àwọn ọ̀pá tó wà láàárín sí apá òsì títí 219 á fi bọ́ sínú ibi tí àyípadà ti wọlé pátápátá. Kó lè rí ohun tó mú, kó fa Saturation sí -100 fún ìgbà díẹ̀: ohun gbogbo tó bá di eérú ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ètè ẹnìkan bá di eérú, ó ti nawọ́ jìnnà jù.

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ wá láti orí búlùú tó kún. Àwọn aṣọ òkè ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn baba ń wọ̀ jáde, ìyẹn etù, àlàárì àti sányán, kò rí bẹ́ẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní wàhálà tirẹ̀.

Àlàárì pọ́n, àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bí 350 lójú aago yẹn. Láti ibẹ̀ sí ara tó wà ní 21 tàbí 22, ọ̀nà kò ju bí ìgbésẹ̀ 30 lọ. Ó ṣì ṣeé yà sọ́tọ̀ bí Threshold bá kéré, àmọ́ ètè èèyàn wà ní nǹkan bí 0, èékánná tí wọ́n kùn pupa sì lè wà lórí 350 gan-an. Àwọn ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé aṣọ lọ. Èèyàn lè yí agbádá àlàárì baba ìyàwó padà sí búlùú, kó wá rí i pé ètè bàbá náà ti di búlùú pẹ̀lú. Búrọ́ọ̀ṣì dúdú lórí ìbòjú ló máa gbà wọ́n sílẹ̀, ojú kan lẹ́yìn òmíràn.

Ti etù yàtọ̀. Aró ni wọ́n fi pa á, ó jìnnà sí ara gan-an, èèyàn á rò pé òun ló rọrùn jù. Òkùnkùn rẹ̀ ni ìṣòro. Píksẹ́ẹ̀lì kan lára rẹ̀ lè jẹ́ 18, 20, 30, tí Hue rẹ̀ jẹ́ 230. Kámẹ́rà kò lè wọn ibi tó ṣókùnkùn láìṣe àṣìṣe kékeré, pàápàá nínú gbọ̀ngàn tí iná kò pọ̀ sí. Bí nọ́ńbà wọ̀nyẹn bá fi 3 péré lọ sókè tàbí sódò, tí píksẹ́ẹ̀lì kan di 21, 20, 27, tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ di 18, 23, 28, Hue ti èkíní á fò dé 249, ti èkejì á já sí 210. Ojú lásán kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Ohun èlò tó ń wo Hue á gba ọ̀kan, á kọ èkejì, ìbòjú á sì kún fún ihò wẹ́wẹ́. Bí aṣọ bá ti súnmọ́ dúdú tàbí funfun tàbí eérú, Hue kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ẹni tó ní fọ́tò etù lọ́wọ́ máa ṣe dáadáa bó bá fi Hue mú ìlà òféfèé tó wà lára aṣọ náà, kó sì fi ọwọ́ kun ìyókù.

Sányán ló le jù. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti òwú ẹ̀dá tó wá láti ara kòkòrò, búráùn fífẹ́ẹ́ tí wọn kì í pa láró. Nọ́ńbà rẹ̀ lè jẹ́ 176, 142, 108, tí Hue rẹ̀ jẹ́ 30 géérégé. Ara ẹni tó wọ̀ ọ́ wà ní 21 tàbí 22. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló wà láàárín wọn, òjìji àti iná yẹ́lò inú gbọ̀ngàn sì lè gbé èyí sórí ìyẹn. Kò sí Threshold tó máa mú sányán tí kò ní mú ọrùn àti ọwọ́. Àga onígi, ògiri tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ìyẹ̀fun, gbogbo wọn wà ní àdúgbò kan náà. Níbí, kí onífọ́tò gbàgbé Hue, kó fa ìlà yí aṣọ náà ká pẹ̀lú sùúrù, kó sì sọ fún oníbàárà pé owó iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti léèsì búlùú. Irú oníbàárà kan wà tó máa ń béèrè ìdí. Ìdí nìyẹn.

Aṣọ funfun pàápàá kò ní Hue rárá. Ẹni tó bá fa Hue rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, funfun ni yóò máa jẹ́. Bí wọ́n bá ti mú un sọ́tọ̀ lọ́nà mìíràn, Colorize ló ń fi àwọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ etí aṣọ kù. Ọ̀pọ̀ fọ́tò fóònù ni wọ́n ń tọ́jú ní JPEG, ìlànà yẹn sì máa ń dín àwọ̀ kù kí fáìlì má baà tóbi. Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan pamọ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, píksẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ló ń pín àwọ̀ kan ṣoṣo lò. Níbi tí léèsì búlùú ti pàdé ọwọ́ búráùn, àwọ̀ méjèèjì á ti wọnú ara wọn kí onífọ́tò tó dé ibẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá tún fi fọ́tò náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi fọ́tò lásán, ó tún máa kéré sí i, àpá rẹ̀ á sì hàn ní etí aṣọ bíi ìlà búlùú tẹ́ẹ́rẹ́ tó kọ̀ láti yí padà. Nítorí náà, fáìlì tó jáde láti inú kámẹ́rà ni kí wọ́n béèrè, tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document. Fífẹ ohun tí wọ́n mú pẹ̀lú píksẹ́ẹ̀lì 1 nípasẹ̀ Grow, àti rírọ etí rẹ̀ pẹ̀lú Feather tó jẹ́ 2, máa ń bo ìlà yẹn nínú fọ́tò tó dára.

Ó tún ní ohun kan tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí kì í tètè rí. Aṣọ máa ń ta àwọ̀ rẹ̀ sí ara. Gèlè búlùú tó ń dán máa ń ju ìmọ́lẹ̀ búlùú sí etí àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, bùbá máa ń jù ú sí abẹ́ àgbọ̀n. Lẹ́yìn tí aṣọ bá ti di àwọ̀ ewé tán, búlùú yẹn ṣì wà lábẹ́ àgbọ̀n, ó ń jẹ́rìí sí aṣọ tó ti lọ. Kí onífọ́tò mú ibẹ̀ nìkan pẹ̀lú Free Select, kó fi Feather tó pọ̀ díẹ̀ sí i, kó ṣí Hue-Saturation, kó yan búlùú nínú àwọn àwọ̀ tó yí po níbẹ̀, kó fa Saturation rẹ̀ wálẹ̀. Kò pọn dandan kó fi àwọ̀ ewé rọ́pò rẹ̀. Bí búlùú bá ti lọ, ojú kì í wá a mọ́.

Àmì abẹ́ àgbọ̀n yìí wúlò fún oníbàárà náà, kì í ṣe fún onífọ́tò nìkan. Ẹni tó ń ra aṣọ lórí fóònù lọ́wọ́ oníṣòwò kan máa ń rí léèsì kan náà ní àwọ̀ mẹ́fà: búlùú, ewé, pọ́pù, píǹkì, yẹ́lò, pupa. Nígbà mìíràn, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà mìíràn, ẹyọ kan ni wọ́n yà, kọ̀ǹpútà ló bí márùn-ún yòókù, àwọ̀ tó sì máa dé ọwọ́ ẹni kò ní jọ èyí tó wà lójú fóònù. Kí olùrà fi àwọn fọ́tò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ìṣẹ́po aṣọ bá rí bákan náà nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí ìka ọmọge tó wọ̀ ọ́ wà lójú kan náà, ẹyọ fọ́tò kan ni. Kó wá fẹ abẹ́ àgbọ̀n ọmọge náà, kó wo àwọ̀ tó ta síbẹ̀, nítorí pé ìyẹn ni aṣọ tí wọ́n ní lọ́wọ́ gan-an. Kó tún wo yẹ́lò nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìṣẹ́po aṣọ yẹ́lò gidi máa ń sún mọ́ àwọ̀ ọsàn tàbí búráùn. Yẹ́lò tí wọ́n fi Hue yọ láti inú búlùú máa ń dọ̀tí síhà àwọ̀ ewé nínú òjìji. Bí ó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó ní kí oníṣòwò na aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà funfun lẹ́nu ọ̀nà ní ojúmọmọ, kó sì ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun kó tó sanwó.